Nọ́ńbà Mẹ́ta fún Ìyá Pọ́ńpù

Gbogbo ilé iṣẹ́ omi wa ló ń pè é ní Ìyá Pọ́ńpù, àti ọ̀gá àgbà àti ẹni tó ń gbálẹ̀. Kò bínú sí i rí. Ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n rẹ̀ rèé nínú yàrá ẹ̀rọ, níbi tí pọ́ńpù mẹ́rin tò sí lórí ilẹ̀ símẹ́ǹtì, tí wọ́n ń hó látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ara ẹ̀rọ, á ní, "Èyí fẹ́ ṣàìsàn." Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ̀rọ náà á dá iṣẹ́ sílẹ̀ lóòótọ́. Mo ti fi ojú ara mi rí i ju ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ, mo sì ti jáwọ́ nínú bíbá a jiyàn.

Èmi ni akọ̀wé ẹ̀ka ètò. Yàrá mi wà lókè àtẹ̀gùn, ó ní fèrèsé kan, kọ̀ǹpútà kan, àti àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Ibẹ̀ ni mo ti ń sọ ohun tí àwọn tó wà nísàlẹ̀ ń ṣe di ìwé. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀, mi ò ní purọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń sọ pé mo ń kọ ìròyìn bí ẹni pé ọ̀rọ̀ máa tán láyé lọ́la.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dẹ́rù ba Ìyá Pọ́ńpù, ìyẹn sì ni kó dúró níwájú àwọn ọ̀gá kó sọ nọ́ńbà. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n ní kó wá ṣàlàyé ìdí tó fi fẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ páìpù kan. Ó dìde, ó kí wọn, ó la ẹnu, nọ́ńbà àkọ́kọ́ sì fò lọ. Ó wo ògiri, ògiri náà wò ó. Ó ní kí wọ́n máà bínú, ó jókòó. Wọ́n sún ọ̀rọ̀ páìpù náà síwájú, páìpù sì bẹ́ lóṣù kẹrin. Láti ìgbà náà, ọ̀gá mi ló ń bá a sọ tirẹ̀, òun á sì jókòó sẹ́yìn, á máa ka ìka ọwọ́ rẹ̀.

Lọ́dún yìí, ọ̀gá àgbà yí ètò padà. Ó ní ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ni kó wá sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Síláìdì kan péré, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Pọ́ńpù Kẹta ni ọ̀rọ̀ kàn, òun ló ń gbé omi lọ sí àdúgbò orí òkè. Omi ibẹ̀ ti di tín-ín-rín. Ìyá tó bí Ìyá Pọ́ńpù gan-an ń gbé níbẹ̀, ní àjà kẹta ilé kan, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin tó ń fi kẹ́tùlù pọn omi láti ìsàlẹ̀ torí kò lè gbé garawa mọ́. Bí a ò bá tú pọ́ńpù náà tún un ṣe kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, omi ò ní gòkè rárá.

Ilé iṣẹ́ wa sì ní òfin tirẹ̀. Nínú iná tí pọ́ńpù kan ń jẹ, a máa ń ṣírò ìdá tó ń di iṣẹ́ gidi, ìyẹn omi tó gòkè. Bí ìdá náà bá ti kéré ju márùndínlọ́gọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ, a gbọ́dọ̀ tú pọ́ńpù náà. Bí kò bá tíì wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀. Èmi ni mo ṣírò ti Pọ́ńpù Kẹta, mo sì rí ọgọ́ta. Òfin ò gbè wá, a fẹ́ lọ bẹ̀bẹ̀ ni.

Mo sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀, pé síláìdì ní àyè kan lábẹ́ tí a ti lè kọ nóòtì fún ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Síláìdì nìkan ló máa hàn lára ògiri fún àwọn èèyàn. Lójú kọ̀ǹpútà tó máa wà níwájú rẹ̀, á rí síláìdì, á sì rí nóòtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Wọn ò ní rí i?" Ó béèrè bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́ta.

"Ẹ̀yin nìkan lẹ máa rí i, mà."

"Kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀ nígbà náà. Má fi nǹkan kan sílẹ̀."

Ẹ ò gbọ́dọ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún èmi. Mo kọ ojú ìwé méjì gbáko. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtàn ilé iṣẹ́, mo ṣàlàyé bí omi ṣe ń rìn, mo tẹ àwọn nọ́ńbà náà sáàárín gbólóhùn gígùn bí ẹni tó fi abẹ́rẹ́ pamọ́ sínú òwú. Nígbà tó dán an wò nínú yàrá mi, ó ń kà á bí ọmọ iléèwé tó ń ka lẹ́tà ẹlòmíràn. Ó gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan láti wò mí. Nígbà tó gbójú padà sílẹ̀, kò rí ibi tó dé mọ́.

"Ó ti lọ," ó wí. Ó gbé gíláàsì ojú rẹ̀ kúrò. "Wò ó, àbúrò mi, bóyá kí ọ̀gá rẹ máa bá mi sọ ọ́ lọ."

Àánú rẹ̀ ṣe mí, ojú sì tì mí, torí ìwé tí mo fi inú dídùn kọ ló dí i lọ́nà.

Ọjọ́ Sátidé, mo lọ sílé rẹ̀ kí a tún un ṣe. Télọ̀ ni ọkọ rẹ̀, ó ń ránṣọ ní yàrá iwájú, téèpù lọ́rùn, ṣọ́ọ̀kì létí. A gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì tó fi ń gé aṣọ. Ìyàwó rẹ̀ kà á, ó sọnù, ó tún un kà, ó tún sọnù níbì kan náà. Bàbá télọ̀ dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró.

"Akọ̀wé," ó wí, "tí mo bá wọn èèyàn, ṣé o mọ ibi tí mo ń kọ ìwọ̀n apá sí?"

"Inú ìwé ni, bàbá?"

"Ara aṣọ ni. Níbi apá gan-an. Mo kọ nọ́ńbà, mo fa ilà, ó tán. Èmi kì í sọ fún aṣọ pé 'Mo kí ọ o, aṣọ ọ̀wọ́n, lẹ́yìn tí mo ti ronú jinlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ apá.'"

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni wọ́n ń bú. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná.

A pa ojú ìwé méjì yẹn rẹ́. A mú nọ́ńbà mẹ́ta péré, nítorí àwọn tó kù wà lára síláìdì fún ẹni tó bá fẹ́ kà wọ́n. Mo kọ wọ́n ní lẹ́tà ńlá, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀, nọ́ńbà ṣáájú, lẹ́yìn náà ibi tí a ti wọ̀n ọ́n:

41 kílówáàtì. Iná tó ń jẹ. Mítà tó wà lára ògiri.
200 tánkì ní wákàtí kan. Omi tó ń gbé. Mítà ẹnu páìpù.
60 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tó di iṣẹ́ gidi.

Tánkì ẹlẹ́gbẹ̀rún lítà ni mo ní lọ́kàn, torí kò sẹ́ni tí kò mọ bó ṣe tóbi tó. Mo wá fi ìlà kan sí ìsàlẹ̀ pátápátá fún ìbẹ̀rù rẹ̀: "Bí nọ́ńbà bá sá lọ, ẹ sọ bí ẹ ṣe wọ̀n ọ́n."

Ó dán an wò lójú ọkọ rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó gbójú sílẹ̀, ó rí ibi tó dé. Igba tánkì já gaara lẹ́nu rẹ̀. Àmọ́ gbogbo ìgbà tó bá kan mọ́kànlélógójì, ahọ́n rẹ̀ á kọsẹ̀.

"Kí ló dé, mà?"

"Mi ò mọ̀. Nọ́ńbà yẹn ò wọ̀ mí lára. Ta ló wọ̀n ọ́n?"

Mo ní àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá ni, ọjọ́ tí ó gbààyè láti mú ìyá rẹ̀ lọ síbi ìtọ́jú ojú. Igba tánkì, inú ìwé àkọsílẹ̀ oṣù ni mo ti mú un. Ó fi ìka ta tábìlì.

"Ẹ̀rọ tó ń hó báyìí ò lè jẹ́ ọgọ́ta," ó wí.

Ọjọ́ Ajé ni a bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, fóònù mi dún. Òun ni, ariwo ẹ̀rọ fẹ́ bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní ẹnì kan ti yí fáàfù tó ń dá omi dúró lára Pọ́ńpù Kẹta dé ìdajì nígbà tí ibì kan ń jò, wọ́n dí ibẹ̀ tán, wọn ò rántí yí fáàfù padà títí wọ́n fi wọn ẹ̀rọ náà. Omi tó ń kọjá kéré, nítorí náà iná tó jẹ náà kéré. Òun ti ṣí i tán, òun tún un wọ̀n.

"Kọ ọ́ sílẹ̀: méjìdínláàádọ́ta kílówáàtì. Omi náà ṣì jẹ́ igba. Ṣírò rẹ̀ fún mi."

Mo ṣírò rẹ̀. Mọ́kànléláàádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Mo fò sókè lórí àga ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú mi, díẹ̀ ló kù kí n ṣubú. A ti wọlé sábẹ́ òfin! A ò bẹ̀bẹ̀ mọ́, ẹ̀tọ́ wa la fẹ́ lọ gbà.

Kíá ni mo ṣí síláìdì. Mo pa 41, mo kọ 48. Mo pa 60, mo kọ 51, mo fi pupa yí i ká. Mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi, mo po tíì mu, inú mi dùn. Ohun tí gbogbo ayé máa rí ni mo tún ṣe. Ohun tí òun nìkan máa rí, mi ò débẹ̀. Síláìdì kì í bá èèyàn yí nóòtì padà, ohun tí o bá kọ síbẹ̀ ló máa wà níbẹ̀ títí ìwọ fi máa yí i. Ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí fún ọdún mẹ́sàn-án yẹ kó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, àwọn ọ̀gá méje jókòó yí tábìlì gígùn ká. Ọ̀gá àgbà wà lórí, ọ̀gá àyẹ̀wò wà lápá ọ̀tún rẹ̀, bàbá arúgbó kan tó máa ń gbé gíláàsì síwájú orí tó sì máa ń wá a kiri. Èmi jókòó sẹ́yìn nítòsí ilẹ̀kùn. Ìyá Pọ́ńpù wọ bùláòsì aláwọ̀ ewé tí ọkọ rẹ̀ rán, apá rẹ̀ ṣe wẹ́kú. Ó kí wọn. Síláìdì hàn lára ògiri.

"Ẹ̀yin ọ̀gá mi, Pọ́ńpù Kẹta ni mo bá wá." Ohùn rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń lọ. Ó gbójú sílẹ̀ wo kọ̀ǹpútà. "Iná tó ń jẹ jẹ́ mọ́kànlélógójì kílówáàtì."

Mo ti mọ ohun tí mo ṣe kó tó pa ẹnu dé.

Ọ̀gá àyẹ̀wò gbọ́wọ́ sókè. "Ẹ dákun. Ara ògiri ń sọ 48. Èwo ni ká gbà?"

Ó wo ògiri. Ó wo kọ̀ǹpútà. Ó tún wo ògiri. Ọ̀dọ̀ mi ló wá wò sí, mo sì fẹ́ dìde kí n pariwo pé èmi ni, èmi ni, ṣùgbọ́n mi ò dìde. Ojú rẹ̀ ti rí bó ṣe rí lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Mo rí ìyá arúgbó àti kẹ́tùlù rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Ó wá tún gbójú sílẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ìlà ìkẹyìn ló ń kà. Mo mọ̀ torí ètè rẹ̀ ń mì.

"Ẹ̀yin ọ̀gá, èmi mọ nọ́ńbà méjèèjì," ó wí. "Mọ́kànlélógójì tó wà nínú ìwé mi, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n rí i. Fáàfù wà ní ìdajì lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó mọ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọwọ́ mi yìí ni mo fi ṣí i." Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń yí i bí ẹni tó di ọwọ́ fáàfù mú. "Ìyípo mẹ́rìnlá, títí tí kò fi yí mọ́. Abẹ́rẹ́ mítà kúrò lórí méjìdínláàádọ́rin, ó gòkè dé ọgọ́rin. Mo gbé àga, mo jókòó tì í fún odidi wákàtí kan. Kò kúrò lórí ọgọ́rin. Áḿpíà ni mítà náà ń kà, ọgọ́rin rẹ̀ ni méjìdínláàádọ́ta kílówáàtì. Omi tó kọjá ní wákàtí yẹn náà ni igba tánkì, mo kà á lẹ́nu páìpù."

Ọ̀gá àyẹ̀wò ti ń tẹ nǹkan lórí ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀. "Bá a bá gba 41, ọgọ́ta ni. A ò ní tú u."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè mú iná tí wọ́n wọ̀n nígbà tí fáàfù wà ní ìdajì, kí ẹ fi gbé omi tó kọjá nígbà tó ṣí gbayawu. Ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹ mú iná àti omi ọjọ́ kan náà, ẹ máa rí mọ́kànléláàádọ́ta. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìdajì iná yẹn ló ń ṣòfò. Òrùka inú rẹ̀ ti jẹ, omi tó yẹ kó gòkè ń yí padà sínú pọ́ńpù. Ẹ wá sísàlẹ̀, màá jẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ."

Kò wo kọ̀ǹpútà mọ́. Ó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, ọ̀gá àgbà ò dá a dúró. Nígbà tó parí, ọ̀gá àyẹ̀wò wá gíláàsì rẹ̀ lórí tábìlì, ó rí i níwájú orí ara rẹ̀, ó ní, "Ọdún púpọ̀ ni mo ti ń ka ìròyìn pọ́ńpù. Ẹni àkọ́kọ́ tó sọ ìdí tí nọ́ńbà kan fi parọ́ fún mi rèé." Wọ́n fọwọ́ sí i lórí ìjókòó. Ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ká tú u.

Mo dúró dè é lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi ni mi ò yí nóòtì padà."

"Dìde, o máa ba aṣọ jẹ́. Mo mọ̀." Ó mí kanlẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Ìwọ lo tì mí sódò, ìwọ náà lo na igi sí mi. Ta ló ní kó o kọ ìlà ìkẹyìn yẹn?"

Ó fi apá gbá mi mọ́ra níbẹ̀. A jọ sọ̀ kalẹ̀ lọ mu omi.

Lẹ́yìn tí wọ́n tún un ṣe tán, ó pè mí wá sí yàrá ẹ̀rọ. Òrùka àtijọ́ wà lórí bẹ́ńṣì, ó ti jẹ débi pé ìka mi wọ ibi tí ìwé pélébé ò yẹ kó wọ. Pọ́ńpù Kẹta ń ṣiṣẹ́, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. Ó fà mí lọ síwájú mítà.

"Kí lo rí?"

"Abẹ́rẹ́ wà lórí ọgọ́rin, mà. Kò yí padà?"

"Iná kan náà ló ń jẹ. Wá wo omi."

Mo wo ti ẹnu páìpù. Igba tánkì ti di àádọ́rin lé nígba. Ó ní ìyá òun ti pè láàárọ̀ láti fi ẹjọ́ sùn, pé omi ẹ̀rọ àjà kẹta bú jáde lójijì, ó tú sí òun lára, ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe àgbàlagbà nìyẹn? Inú rẹ̀ dùn débi pé ó tún ìtàn náà sọ lẹ́ẹ̀mejì.

Ó wá ti ọwọ́ bọ àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó yọ ìwé pélébé kan. "Ọ̀gá àgbà fẹ́ gbọ́ àbájáde lóṣù tó ń bọ̀. Mo ti sọ fún wọn pé ìwọ lo máa sọ ọ́."

"Èmi kẹ̀? Mà, akọ̀wé ni mí. Mi ò sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn rí!"

"Ṣé ìwọ ò rí abẹ́rẹ́ yìí ni? O ti rí i báyìí." Ó fi ìwé náà lé mi lọ́wọ́. "Mo bá ọ kọ nóòtì. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì o, èmi kì í ṣe ìwọ."

Lẹ́tà ńláńlá ni, ó wọ́ bí ẹsẹ̀ adìyẹ, epo ẹ̀rọ sì ti kan etí rẹ̀ kan. 80, abẹ́rẹ́. 270, tánkì. 69, ìdá. Ní ìsàlẹ̀, ó kọ ọ́ pé: "Bí ó bá sá lọ, sọ ohun tí ojú rẹ rí."

Mo tẹ̀ síwájú, mo sì wo abẹ́rẹ́ náà dáadáa.